Bí Àwòrán Tí A Ń Fi Fóònù Yà Yóò Ṣe Máa Hàn Kedere

(Àsọyé tí a ṣe níwájú àwọn ọmọ ìlú níbi ìpàdé ọdún ní Òkòkòmáíkò)

Olóòtú ìwé ọdọọdún wa ni ó ní kí n dìde bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àwòrán tí a ń fi fóònù yà. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé púpọ̀ nínú àwòrán tí ẹ fi ń ránṣẹ́ sí i láti Ọ̀jọ́, láti Ìbà àti láti òkè òkun ni kò ṣeé tẹ̀ sínú ìwé, nítorí pé ojú àwọn ènìyàn inú wọn kò hàn kedere. Mo gbà fún un, kì í ṣe nítorí pé mo jẹ́ ayàwòrán, bí kò ṣe nítorí pé olùkọ́ ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ sì ni láti tú ohun tí ó bá díjú palẹ̀. Ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyá kan wà ní òpópónà wa níhìn-ín tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Àgbà. Nígbà tí wọ́n pé ẹni 80 ọdún, àwọn ọmọ wọn pa àtíbàbà síwájú ilé, wọ́n sì ṣe àsè. Bí ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, ọmọ-ọmọ wọn kan tí ó wà ní ìkángun àtíbàbà lọ́hùn-ún yọ fóònù rẹ̀, ó fi ìka méjì fa àwòrán mọ́ra títí ojú Ìyá fi kún ojú fóònù, ó sì yà á. Inú gbogbo wọn dùn sí àwòrán náà, nítorí pé Ìyá ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ẹni tí kì í sábà rẹ́rìn-ín bí a bá gbé kámẹ́rà dojú kọ ọ́. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí tí Ìyá fi re ibi àgbà ń rè. Àwọn ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ránṣẹ́ wá pé àwòrán ẹ̀rín yẹn gan-an ni àwọn fẹ́ kí a fi ṣe iwájú ìwé ètò ìsìnkú, kí a sì fi ṣe pátákó ńlá tí a óò gbé sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí atẹ̀wé mú un tóbi, ohun tí a rí kò jọ ojú ènìyàn mọ́. Ó dà bí ìgbà tí omi bá ta sí ìwé tí a fi yíǹkì kọ. Bí a ti ń wá òmíràn kiri, a kò rí àwòrán Ìyá kankan tí ó mọ́ dáadáa àfi ọ̀kan tí ayàwòrán kan yà wọ́n ní ọdún 1964, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin. Ó kéré bí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ti pọ́n ní etí, ṣùgbọ́n ẹ lè ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn níkọ̀ọ̀kan. Èyí ni a fi sìnkú wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ tí a bí ní ìdálẹ̀ wò ó, wọ́n ní, “Ta ni ọmọge yìí?”

Ọmọkùnrin tí ó ya àwòrán ẹ̀rín náà tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìsìnkú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé fóònù yìí ni kò dára ni, àbí èmi ni mo ṣe é?” Ó ra fóònù náà ní ọjà Alábà, kò sì pọ̀ tó ọdún kan. Mo gbà á, mo wò ó fínnífínní, mo sì rí i pé kò sí ohun tí ó ṣe fóònù náà. Àṣà mẹ́ta ni ó ba àwòrán jẹ́: kò nu ojú kámẹ́rà, kò di fóònù mú kí ó dúró, ó sì fa àwòrán mọ́ra dípò kí ó rìn súnmọ́ ẹni tí ó ń yà. Lọ́nà ìyanu, àwọn ohun mẹ́ta yìí gan-an ni ayàwòrán ti ọdún 1964 kò jẹ́ ṣe. Ó ní aṣọ kékeré tí ó fi ń nu ojú kámẹ́rà rẹ̀, ó gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó sì ní kí Ìyá má mira. Bí ó bá fẹ́ kí ojú ènìyàn tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń rìn lọ bá a. Irú àwọn ayàwòrán bẹ́ẹ̀ ni J. D. Òjéíkéré, tí a bí ní 1930 tí ó sì kú ní 2014. Láti ọdún 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin wa, a sì lè tọ ipa òwú àti irun lẹ́yọ lẹ́yọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ títí di òní.

Kí n tó mú àwọn àṣà wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń dá àìsàn mọ̀ kí a tó wá oògùn. Kì í ṣe ọ̀nà kan ni àwòrán ń gbà ṣe bàìbàì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ojú kámẹ́rà ni ó dọ̀tí, gbogbo àwòrán yóò dà bí ẹni pé èéfín bò ó, iná tí ó bá wà nínú rẹ̀ yóò sì ní òbírí ìmọ́lẹ̀ tàbí ìtànṣán gígùn lára. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni ó gbọ̀n, ohun gbogbo nínú àwòrán, ènìyàn àti ògiri, ni yóò fà sí ọ̀nà kan náà, tí iná kékeré yóò sì di ìlà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí a ń yà ni ó mira, ògiri yóò mọ́ kedere, ẹni náà nìkan ni yóò ṣe bàìbàì. Bí kámẹ́rà bá sì tẹjú mọ́ ibòmíràn, òdòdó ẹ̀yìn yóò mọ́ ju ojú ènìyàn iwájú lọ. Ti fífa àwòrán mọ́ra yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí: kò fà, kò ṣú, ṣùgbọ́n ara ènìyàn yóò dán bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀dà kùn ún, irun yóò sì dà pọ̀ mọ́ra. Nínú àwòrán Ìyá Àgbà, mo rí mẹ́ta nínú àmì wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan náà. Gílóòbù tí ó wà lókè orí wọn ní òbírí, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn fà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ojú wọn sì rí bí ọ̀dà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú kámẹ́rà. Ojú kámẹ́rà fóònù kò tóbi ju ẹyọ àgbàdo lọ, nítorí náà ipa ìka kan ṣoṣo tó láti bò ó tán. Ẹ sì wo ibi tí ó wà: ẹ̀yìn fóònù ni, níbi tí ìka wa máa ń wà gan-an nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀. Òróró ara, òógùn, epo tí a fi jẹun, pàǹkéèkì tí obìnrin fi para, gbogbo rẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ sí. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku tún kún un. Ọ̀rá yìí kì í dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ó ń fọ́n ọn káàkiri ni. Èyí tí ó yẹ kí ó bọ́ sójú kan yóò tàn sí ẹ̀gbẹ́, dúdú yóò di eléérú, funfun yóò sì kùn. Ìdí nìyí tí ẹ̀tàn fi wà nínú rẹ̀: lọ́sàn-án, àwòrán náà yóò kàn ṣe bí ẹni pé ó ṣá, a kò sì ní fura. Alẹ́ ni àṣírí tú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ojú kámẹ́rà yín dọ̀tí, ẹ dojú rẹ̀ kọ gílóòbù kan lálẹ́, kí ẹ sì máa wo ojú fóònù. Bí ìtànṣán gígùn bá yọ lára iná náà sí ọ̀nà kan, ọ̀rá ni. Ìtànṣán náà máa ń dábùú ọ̀nà tí a gbà fi nǹkan ra ojú kámẹ́rà: bí a bá fi ìka nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìtànṣán yóò ta láti ọ̀tún dé òsì. Ẹ nù ún dáadáa, kí ẹ tún wò ó, ẹ óò rí i pé ìtànṣán náà ti lọ.

Ọ̀nà tí a ń gbà nù ún ni èyí. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kí iyanrìn àti eruku lè kúrò, nítorí pé iyanrìn le tó láti họ gíláàsì bí a bá fi aṣọ rìn ín mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ mí èémí gbígbóná sí i kí ó ṣe bí ìrì díẹ̀, kí ẹ wá fi aṣọ rírọ̀ nù ún yípo láti àárín lọ sí etí. Aṣọ tí a fi ń nu awò ojú ni ó dára jù lọ. Bí kò bá sí, ògbólógbòó ẹ̀wù òwú tí a ti fọ̀ ní àfọ̀túnfọ̀ tí kò sì ní sítáàṣì lára ń ṣe é. Ẹ má fi etí aṣọ tí ẹ wọ̀ láti àárọ̀ nù ún, torí pé òógùn wà lára rẹ̀, ẹ óò kàn máa pín ọ̀rá náà kiri ni. Ẹ má fi ìwé nù ún, ẹ má sì fi kẹrosíìnì tàbí oògùn tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ súnmọ́ ọn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kò ní kọjá lórí iṣẹ́ yìí.

Ohun méjì ni n ó fi kún un, nítorí pé wọ́n ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Èkíní ni gíláàsì kékeré tí àwọn tí ń tún fóònù ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ ojú kámẹ́rà pé kí ó má baà fọ́. Nígbà tí ó bá pẹ́, òun fúnra rẹ̀ yóò họ, eruku yóò sì wọ abẹ́ rẹ̀ níbi tí aṣọ kò lè dé. Bí ẹ bá nu ojú kámẹ́rà títí tí òbírí kò lọ, ẹ yọ gíláàsì náà, kí ẹ tún yà á. Èkejì ni ti ẹ̀yin tí ẹ ń ti inú ọkọ̀ tí ó tutù bọ́ sílẹ̀ sínú ooru wa. Ìkùukùu yóò bo ojú kámẹ́rà lójú ẹsẹ̀ bí ó ti ń bo awò ojú yín. Nínù kò ṣe é. Bí ẹ bá nù ún tán yóò tún bò ó. Ẹ jẹ́ kí fóònù gbóná díẹ̀ ní ọwọ́ yín, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àṣà kejì ni dídi fóònù mú. Kámẹ́rà máa ń la ojú, ìmọ́lẹ̀ yóò wọlé, yóò sì tún pa á dé. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ojú rẹ̀ lè má là ju ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kò sí bí ọwọ́ ènìyàn ti lè gbọ̀n tó tí yóò rí àyè ba nǹkan jẹ́ láàárín irú àkókò kékeré bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé, tàbí lábẹ́ àtíbàbà ní ìrọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ kò tó, kámẹ́rà yóò sì la ojú pẹ́ kí ó lè rí i gbà, bóyá ìdá kan nínú 15. Láàárín àkókò yìí, ọwọ́ yóò mì, àyà yóò lù, èémí yóò wọlé yóò jáde, ohun gbogbo wọ̀nyí yóò sì hàn nínú àwòrán. Ohun tí ó jẹ́ kí àwòrán ọ̀sán dára tí ti alẹ́ kò dára nìyí, kì í ṣe pé fóònù kórìíra alẹ́.

Ẹ lè rí iye àkókò yìí fúnra yín. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, bí ẹ bá ṣí àwòrán tí ẹ ti yà, tí ẹ fà á sókè tàbí tí ẹ tẹ ibi tí a kọ Details sí, ẹ óò rí òǹkà bí 1/15 tàbí 1/500. Bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá ti tóbi tó ni àkókò náà ti kúrú tó. Ìlànà àtijọ́ tí àwọn ayàwòrán ń lò, bí a bá mú un wá sí orí kámẹ́rà gbangba ti fóònù, ni pé ohun tí ó bá gùn ju 1/30 lọ kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ lásán gbẹ́kẹ̀ lé. Ti àwòrán Ìyá Àgbà jẹ́ 1/15. Fífà tí ó sì fà á mọ́ra ní ìlọ́po mẹ́rin mú kí gbígbọ̀n ọwọ́ náà di ìlọ́po mẹ́rin pẹ̀lú, tí ó fi jẹ́ pé 1/100 tàbí èyí tí ó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ì bá gbà á. Àwọn fóònù kan wà tí ojú kámẹ́rà wọn ń léfòó nínú wọn láti tako gbígbọ̀n ọwọ́. Wọ́n ń ṣe ìrànwọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ń yàwòrán nìkan ni wọ́n lè bá wí. Wọn kò lè dá ẹni tí ń jó dúró.

Báwo ni a óò ṣe wá di fóònù mú? Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi mú un. Ẹ fún ìgúnpá méjèèjì mọ́ ìhà, kí ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀. Bí ògiri, òpó tàbí igi bá wà nítòsí, ẹ fi èjìká tì í. Ẹ mí sínú, ẹ mí síta díẹ̀, ẹ dá èémí dúró, kí ẹ tó rọra fi ìka kan ojú fóònù. Ọ̀pọ̀ wa máa ń gún bọ́tìnì bí ẹni ń pa kòkòrò, gígún yẹn gan-an ni ó sì ń mi fóònù ní àkókò tí kò yẹ kí ó mì. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú púpọ̀, ẹ gbé fóònù lé orí tábìlì tàbí kí ẹ fi ti ìgò, kí ẹ lo aago kámẹ́rà tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá 3 kí ó tó yà, kí ọwọ́ yín má tilẹ̀ sí lára rẹ̀ rárá. Ẹ sì má sáré gbé ọwọ́ sọ̀kalẹ̀ bí ẹ bá ti gbọ́ ìró rẹ̀. Lálẹ́, ọ̀pọ̀ fóònù máa ń kó àwòrán púpọ̀ jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí mẹ́ta kí wọ́n tó dà wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, ẹni tí ó bá sì sọ ọwọ́ sílẹ̀ ti ba iṣẹ́ jẹ́ lágbedeméjì.

Ṣùgbọ́n oògùn tí ó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ ni ìmọ́lẹ̀. Ẹ ní kí àgbà tí ẹ fẹ́ yà jókòó sí ẹnu ọ̀nà tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó kọjú síta, kí oòrùn má sì kan án lójú tààrà. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta láti àárín pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà lè sọ 1/15 di 1/125, ìwọ̀n yẹn sì tó fún ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọdé tí ń sáré ń fẹ́ nǹkan bí 1/500, ìta gbangba sì ni ibi tí a ti ń rí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìka kan ojú ẹni náà lójú fóònù kí ẹ tó yà á, kí kámẹ́rà lè mọ̀ pé ibẹ̀ ni kí òun tẹjú mọ́.

Mo dé orí àṣà kẹta, èyí tí ó ba àwòrán Ìyá jẹ́ jù lọ, tí ó sì ṣòro jù lọ fún ènìyàn láti gbà. Nígbà tí a bá fi ìka méjì fa àwòrán mọ́ra, a rò pé kámẹ́rà ń na ọrùn lọ bá ẹni náà. Irọ́ ni. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí a ń lò, kò sí ohun tí ó yí padà nínú kámẹ́rà. Ohun tí fóònù ṣe ni pé ó gé etí àwòrán kúrò, ó mú àárín rẹ̀, ó sì nà án títí ó fi tóbi bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó gé àárín ẹní, tí ó wá ń fa igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé kí ó tó ẹni mẹ́ta sùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi òǹkà wò ó bí a ti ń ṣe ní kíláàsì. Àwọn àmì wẹ́wẹ́ tí ó para pọ̀ di àwòrán ni a ń pè ní píksẹ́lì. Fóònù ọmọkùnrin yìí ń ya àwòrán tí ó ní àmì 4,000 ní ìbú àti 3,000 ní òró, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12,000,000. Bí a bá fà á mọ́ra ní ìlọ́po méjì, ìbú yóò ku 2,000, òró yóò ku 1,500. Àpapọ̀ rẹ̀ di 3,000,000, ìdá kan nínú mẹ́rin péré. Bí a bá fà á ní ìlọ́po mẹ́rin bí òun ti ṣe, ìbú yóò ku 1,000, òró 750, àpapọ̀ rẹ̀ sì di 750,000. Èyí jẹ́ ìdá kan nínú 16. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú 16 ti lọ, fóònù sì ní láti méfò ohun tí yóò fi dí àlàfo náà. Ìméfò yẹn ni ẹ rí tí ó dà bí ọ̀dà.

Atẹ̀wé ń fẹ́ àmì 300 nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan kí àwòrán tó mọ́ nínú ìwé. Àmì 1,000 kò lè kọjá ínṣì mẹ́ta àti díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ètò ìsìnkú ń fẹ́ ínṣì mẹ́fà, èyí tíí ṣe 1,800. Ẹ sì rántí pé lójú fóònù kékeré, àwòrán náà dára. Ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tí ó fura títí Ìyá fi lọ.

Kí ni ì bá ṣe? Nǹkan bí ìṣísẹ̀ 16 ni ó wà sí Ìyá. Ìṣísẹ̀ 12 péré ni ì bá rìn, kí ó ku mẹ́rin, ojú Ìyá ì bá sì tóbi bákan náà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú àmì 12,000,000 láìdín ọ̀kan. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí ó dìde, ó ní òun kò fẹ́ kọjá níwájú àwọn àgbà. Ẹ̀yin àgbà wa, mo bẹ̀ yín, bí ọmọ bá tẹríba kọjá níwájú yín pẹ̀lú fóònù, ẹ jẹ́ kí ó kọjá.

Bí kò bá sí ọ̀nà láti súnmọ́ tòsí, ẹ yà á bẹ́ẹ̀ láìfà á, kí ẹ gé e nígbà tí ẹ bá délé. Ohun tí ẹ óò rí kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n odindi rẹ̀ yóò ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má súnmọ́ jù. Bí fóònù bá wà ní ìwọ̀n apá kan sí ojú ènìyàn, imú yóò wú, etí yóò sá sẹ́yìn. Ìṣísẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni ó yẹ ojú ènìyàn.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí òfin yìí dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má baà bá mi jiyàn ní òpin ọ̀rọ̀. Àwọn fóònù olówó ńlá kan ní ojú kámẹ́rà ju ọ̀kan lọ, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ awò tí ń wo ọ̀nà jíjìn ní tòótọ́. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà bíi 3 tàbí 5 ní ìsàlẹ̀ ojú fóònù, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun. Kí ẹ lè mọ̀ dájú, ẹ tẹ nọ́ńbà náà, kí ẹ wá máa fi ìka bo àwọn ojú kámẹ́rà lẹ́yìn fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá sọ ojú fóònù di òkùnkùn ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ojú kan náà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní nọ́ńbà 1 ni ó tún ń ṣiṣẹ́ ní 3, a jẹ́ pé gígé ni ó ń gé e. Ẹ dán an wò lọ́sàn-án àti lálẹ́, nítorí pé nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn fóònù mìíràn máa ń pa awò ọ̀nà jíjìn tì, wọn yóò sì padà sí orí gígé láìsọ fún ẹni tí ó ni wọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù, ọ̀rọ̀ olóòtú wa sì ni. Àwòrán tí ó mọ́ kedere lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí a bá fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ti ń ṣe lójoojúmọ́, a máa dín in kù kí ó lè tètè lọ, àwọn àmì púpọ̀ yóò sì dànù. Bí àwòrán bá jẹ́ ti ìwé ọdọọdún tàbí ti ètò ìsìnkú, ẹ tẹ àmì ìsomọ́, ẹ mú Document, kí ẹ sì yan àwòrán náà láti ibẹ̀. Yóò jẹ dátà jù, ṣùgbọ́n bí ó ti wà lọ́wọ́ yín ni yóò ṣe dé. Ẹ má sì fi àwòrán tí ẹlòmíràn ti fi ránṣẹ́ sí yín ránṣẹ́ sí olóòtú. Ẹ wá ẹni tí ó yà á gan-an.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà ti parí. Bàbá Àgbà, ọkọ Ìyá, ṣì wà láyé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní nǹkan bí agogo márùn-ún, èmi àti ọmọkùnrin náà lọ kí wọn. A gbé àga wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n kọjú síta. Ó fẹ́ eruku, ó mí sí ojú kámẹ́rà, ó fi aṣọ awò mi nù ún. Ó dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó fi èjìká ti òpó, ó fún ìgúnpá mọ́ ìhà, ó fi ìka kan ojú Bàbá lójú fóònù, kò sì fa nǹkan kan. Mo ń bá Bàbá sọ̀rọ̀ ìgbà tí wọ́n ń fẹ́ Ìyá sọ́nà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Mẹ́ta ni ó yà, nítorí pé ènìyàn ń ṣẹ́jú. Nínú èkíní, Bàbá pa ojú dé. Nínú èkejì, ọwọ́ wọn mì. Ẹ̀kẹta ni a mú. Nígbà tí a wo Details, 1/160 ni a rí níbẹ̀. A fà á tóbi lójú fóònù títí a fi rí ìpéǹpéjú wọn lẹ́yọ lẹ́yọ àti ilà tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Fóònù kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni.

Bàbá gba fóònù náà, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, “Èyí dára. Ṣé ti ìyá yín náà ì bá rí báyìí?” Ọmọkùnrin náà kò lè dáhùn, èmi náà kò sì rí ohun kan sọ.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, àgbà tí ó wà nílé lónìí ni kí a yà lónìí, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà.